Wọ́n Pa Ilà Ìyá Rẹ́, Wọ́n Fi Ilẹ̀kùn Sílẹ̀

Àwòrán kan ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àwa fúnra wa la sì ṣe é. Ó dáa ká ti sọ ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé a jókòó sí òkèèrè, à ń na ìka sí iṣẹ́ oníṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀. Àwa mẹ́ta sọ̀kalẹ̀ láti Máàpó, a gba ẹ̀gbẹ́ Ọjà'ba, a ń wọ kọ̀rọ̀ bọ́ sí kọ̀rọ̀ títí a fi já sí Àrẹ̀mọ. Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà yẹn rí mọ bó ṣe máa ń rí nírọ̀lẹ́: páànù tó ti dípẹtà lókè, ògiri alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ nísàlẹ̀, èéfín àkàrà, ọmọdé tó ń sáré tẹ̀lé táyà. Ìyá àgbà kan jókòó sórí pèpéle níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, tó ṣì wọ yunifọ́ọ̀mù iléèwé, fara ti èjìká rẹ̀. Ìyá náà kọ àbàjà, ó hàn kedere lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, irú èyí tí a kì í sábà rí lójú ọmọdé mọ́.

Ọ̀kan nínú wa kúnlẹ̀, ó kí i. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé a lè yà yín ní fọ́tò?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ẹ yà mí kẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n wé gèlè mi dáadáa ná."

Ó wé gèlè, ó gbé atẹ kúrò lẹ́sẹ̀, ó fa ọmọ náà mọ́ra, a yà wọ́n. A fi hàn án lórí fóònù, ó gbàdúrà fún wa, ó ní ká bá òun tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. A ní a ti gbọ́. Títí di àkókò yẹn, a kò tíì ṣe ohun tó burú.

Alẹ́ ọjọ́ náà la gbé fọ́tò yẹn sínú áàpù kan, a ní kó sọ ọ́ di àwòrán bíi ti eré ọmọdé ilẹ̀ Japan. Kò gbà á ní ìṣẹ́jú kan. Ó dùn ún wò, ká má parọ́. Òjìji ìrọ̀lẹ́ rọ̀ bí òwú, páànù onípẹtà ń dán bíi bàbà. A kọ "Àrẹ̀mọ, ìrọ̀lẹ́" sí i lábẹ́, a gbé e sójú ewé wa, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Ẹnìkan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé pé àárò ilé sọ òun. Inú wa dùn.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá ọmọ náà kọ̀wé sí wa. Ẹnìkan ló fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí i lórí Wáàsáàpù láìmọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ni. Ohun tó kọ kò pọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fún yín láṣẹ? Ọmọ mi nìyẹn, ilé ìyá mi nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí àwọn kan mọ ibi tó wà. Ẹnìkan ti pè mí láàárọ̀ yìí, ó ní òun ti mọ ilé náà báyìí."

Ìdí tí kò fi fẹ́ kí wọ́n mọ̀ kì í ṣe tiwa láti tẹ̀ jáde. Èyí tí a ti tẹ̀ jáde ti pọ̀ jù. A pa àwòrán náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ẹni tó pè é ti rí i, àwọn tó ti tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù wọn ṣì ní in. (A ti yí àwọn nǹkan kan padà nínú ìtàn yìí, àwọ̀ ilẹ̀kùn wà lára wọn. Ìyá ọmọ náà ka àpilẹ̀kọ yìí ṣáájú yín, ó sì yọ ìlà méjì kúrò.)

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu nígbà tí a rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé, "Ṣebí àwòrán ni, kì í ṣe fọ́tò." Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an la fẹ́ yẹ̀ wò, torí a ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì dà bí ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání. Ẹni tó bá sọ ọ́ gbà pé nígbà tí a bá ti fi ọwọ́ ayàwòrán kan bo fọ́tò, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti wọ agọ̀. Kò sẹ́ni tó máa dá a mọ̀ mọ́. A gbé fọ́tò àti àwòrán náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti wò ó bóyá òótọ́ ni.

Àbàjà Ìyá kò sí níbẹ̀ mọ́. Áàpù náà pa á rẹ́ pátápátá, ó sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ di ọ̀bọ̀rọ́, ó wá fi ìlà ẹ̀rín kékeré méjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Àdìrẹ ara ìró rẹ̀, tí ọnà rẹ̀ ṣeé kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú fọ́tò, di àmì roboto tí kò ní orúkọ. Dúdú rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lójú lásán kò ní mọ̀ ọ́n nínú àwòrán yẹn.

Ẹ wá wo ohun tó kù. Àwọ̀ yunifọ́ọ̀mù ọmọ náà kù, òkè àti ìsàlẹ̀, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ilẹ̀kùn kù, pẹ̀lú pákó kan tó ti jábọ́ lápá ọ̀tún. Àtẹ̀gùn pèpéle méjì tí ọ̀kan ti là kù. Mítà iná kù lára ògiri. Pátákó aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kù; lẹ́tà ara rẹ̀ ti dàrú díẹ̀, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n kàn án mọ́ kò yí padà. Bí ọmọ náà ṣe dà orí rẹ̀ sí apá òsì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń ta dànù, ìyẹn náà kù, ìyá rẹ̀ sì sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ìdúró yẹn lòun kọ́kọ́ fi dá a mọ̀.

Èyí kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Bí irú áàpù bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kì í fi bébà fẹ́ẹ́rẹ́ lé orí fọ́tò kó máa tẹ̀ lé ìlà bí a ti ń ṣe níléèwé. Ó máa ń wo gbogbo fọ́tò, á mú ohun tó tóbi, ohun tí àwọ̀ rẹ̀ lágbára, àti ipò tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà sí ara wọn, á wá tún gbogbo rẹ̀ yà láti ìbẹ̀rẹ̀ ní irú ọwọ́ tí o ní kó fi yà á. Ojú èèyàn nínú eré ọmọdé ilẹ̀ Japan kì í ní ìlà púpọ̀: ojú ńlá méjì, imú bíńtín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dán. Ilà tín-ín-rín tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ àgbà kò rí àyè nínú irú ojú bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn ní tirẹ̀ rí àyè dáadáa, torí ilẹ̀kùn tóbi, ó dúró sójú kan, ó sì rẹwà. Nítorí náà ohun tí Ìyá fi ń yangàn, tó tìtorí rẹ̀ wé gèlè, ló kọ́kọ́ lọ. Ohun tí èèyàn lè fi wá ọmọ náà rí ló dúró.

Ará àdúgbò kì í sì fi imú mọ ara wọn. Ìdúró, aṣọ, ẹnu ọ̀nà, ẹni tí o jókòó tì: ìyẹn la fi ń mọ èèyàn láti ìkòríta. A dán an wò. A mú ọ̀rẹ́ wa mẹ́ta tí wọ́n dàgbà sí agbègbè Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ, a fi àtàǹpàkò bo ojú àwọn méjèèjì nínú àwòrán, a ní, "Níbo nìyí?" Méjì nínú wọn dárúkọ kọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan fi kún un pé, "Àbí kì í ṣe ilé Ìyá alẹ́wà?" Àtàǹpàkò yẹn la máa ń lò báyìí kí a tó gbé ohunkóhun jáde. Bí a bá bo ojú tí ẹni tó mọ àdúgbò sì tún sọ ibi tó jẹ́, a jẹ́ pé kò sí agọ̀ kankan lára ẹni tó wà níbẹ̀.

Àṣà yìí kò tíì pẹ́. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 2025 ni iléeṣẹ́ OpenAI gbé irinṣẹ́ àwòrán tuntun sínú ChatGPT, kí ọ̀sẹ̀ náà sì tó parí, ojú ewé gbogbo ayé ti kún fún fọ́tò tí wọ́n sọ di bíi ti Sítúdíò Ghibli, ilé eré àfàwòránṣe ti ilẹ̀ Japan tí Hayao Miyazaki wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 1985. Ẹ rántí ìgbà náà. Ìyàwó àti ọkọ, ọmọ ìkókó, bàbá tó ti kú, gbogbo wọn di ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ dídán. Àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e pọ̀, àmọ́ ẹ̀tọ́ àwọn ayàwòrán ló gba ibẹ̀ kan: ṣé ó tọ́ kí wọ́n gba ọwọ́ Miyazaki láìtọrọ? Ìbéèrè gidi ni. Ohun tó yà wá lẹ́nu, nígbà tí a tún ń ronú sẹ́yìn, ni bí ẹni tó béèrè nípa èèyàn inú fọ́tò ṣe kéré tó. Gbogbo wa ń jà fún ẹni tó ni ọwọ́, a gbàgbé ẹni tó ni ojú.

Àpẹẹrẹ kan wà nínú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an tí kò kúrò lọ́kàn wa. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta, Ilé Funfun ti ìjọba Amẹ́ríkà gbé àwòrán kan sójú ewé rẹ̀ lórí X. Obìnrin kan tó ń sunkún ni, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òṣìṣẹ́ tó mú un dúró tì í. Fọ́tò obìnrin gidi kan, tí wọ́n mú nítorí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, ni wọ́n fi ọwọ́ eré ọmọdé yìí tún yà. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án wúwo, ìyẹn kọ́ là ń bá wọn jà lé lórí, a kò sì ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Ẹkún yẹn ni kí ẹ wò. Nínú fọ́tò, ẹkún ni. Nínú àwòrán, ó di omijé roboto bíi ti ọmọdé tí wọ́n gba bisikíìtì lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí èèyàn lè rẹ́rìn-ín sí kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọwọ́ rírọ̀ yẹn kò bò ó láṣìírí. Ìtìjú ẹni tó ń wò ó ló bò. Ẹni tó bá rí fọ́tò ẹni tó ń sunkún lè bi ara rẹ̀ pé, "Ṣé ó yẹ kí n máa wo èyí?" Ẹni tó rí àwòrán kì í bi ara rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwa náà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ló wà nínú àwòrán tiwa. Ká ní fọ́tò yẹn ni a fẹ́ gbé jáde bó ṣe wà, pẹ̀lú ojú ọmọ náà tó ń wo kámẹ́rà gan-an, a dá wa lójú pé ọ̀kan nínú wa á ti sọ pé, "Ẹ dúró ná, ṣé a ti bi ìyá ọmọ yìí?" Àwòrán mú ìbéèrè yẹn kúrò lẹ́nu wa.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti òyìnbó, pé Yorùbá kì í ka irú nǹkan wọ̀nyí sí. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ gbé fóònù sókè ní Bẹẹrẹ lọ́sàn-án, ẹ ó gbọ́ "Ta ló ní kó o yà mí?" kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Àwa náà sì ti ń yí fọ́tò ọmọ padà kí áàpù kankan tó dé. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bí àwọn oníṣẹ́ fọ́tò Yorùbá ṣe ń ṣiṣẹ́, Ìlá Ọ̀ràngún ló sì ti ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí rẹ̀. Ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe fún ìbejì. Bí ọ̀kan bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, òbí á mú èyí tó kù lọ sí sítúdíò. Oníṣẹ́ á yà á, á wá tẹ ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, á sì fi ọgbọ́n pa ojú ibi tí wọ́n ti pàdé mọ́, kó lè dà bí ẹni pé àwọn méjì ló jókòó. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n bí, wọ́n á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀kan nínú aṣọ ọkùnrin, wọ́n á tún yà á nínú aṣọ obìnrin, kí ojú kan lè ṣe Táyé kó sì ṣe Kẹ́hìndé. Fọ́tò yẹn lè gba ipò ère ìbejì nínú ilé, kí wọ́n máa bọ ọ́ bí wọ́n ti ń bọ ère.

Ẹ gbé iṣẹ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yí ojú ọmọ padà jinlẹ̀ ju èyí tí a ṣe lọ fíìfíì: wọ́n sọ ọmọ kan di méjì, wọ́n sọ alààyè di òkú àti alààyè lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀ a kò lè rí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ níbẹ̀. Òbí ló mú ọmọ wá. Òbí ló sọ ohun tó fẹ́, ó mọ ohun tí wọ́n máa fi ojú ọmọ náà ṣe àti ìdí rẹ̀. Ó sanwó. Ó rí iṣẹ́ náà nígbà tó parí, bí kò bá wù ú, ó lè ní kí wọ́n tún un ṣe. Bébà náà bá a lọ sílé, inú yàrá ló wà, ẹni tó bá wọlé ló lè rí i. Fíìmù ṣì wà lọ́wọ́ oníṣẹ́, lóòótọ́, àmọ́ òbí mọ ojúlé oníṣẹ́, ó mọ ìyàwó rẹ̀, ó mọ ẹni tí òun lè lọ bá bí ọ̀rọ̀ bá wọ́. Ìyípadà nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó ni ọmọ ló ń darí ìyípadà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lára gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí, èwo ni Ìyá rí gbà ní Àrẹ̀mọ? Ó gbà kí a yà òun ní fọ́tò. Fọ́tò lójú tirẹ̀ jẹ́ bébà tí wọ́n ń gbé kọ́ sí pálọ̀; ẹ rántí pé ó ní ká bá òun tẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́ nípa áàpù. Kò mọ̀ pé ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa wo ilẹ̀kùn òun kí ilẹ̀ tó mọ́. Bẹ́ẹ̀ la gba "bẹ́ẹ̀ ni" rẹ̀ fún nǹkan kan, a sì ná an sórí nǹkan mìíràn. Ọmọ náà ńkọ́? A kò bi í ní nǹkan kan rárá. A ka ìyá ìyá rẹ̀ sí aláṣẹ rẹ̀ nítorí pé ó jókòó tì í.

Òfin wa kò dákẹ́ lórí èyí. Òfin Ààbò Ìsọfúnni ti Nàìjíríà, èyí tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, sọ ní abala 26 pé dídákẹ́ ẹni kì í ṣe ìgbàláàyè, abala 31 sì ní bó bá jẹ́ ọmọdé ni, òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ni ọmọdé. Òfin náà tún ní ẹni tó bá ti gbà lè yí ọkàn rẹ̀ padà, kò sì gbọdọ̀ ṣòro fún un láti yí i padà ju bó ṣe gbà lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ń sá sí ni abala 3, tó yọ ohun tí èèyàn ń ṣe fún ara rẹ̀ tàbí nínú ilé rẹ̀ nìkan sílẹ̀. Ẹ ka gbólóhùn náà dé òpin: ìyọsílẹ̀ yẹn kò dúró bí ohun tí o ń ṣe bá tẹ ẹ̀tọ́ àṣírí ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Fọ́tò àbúrò rẹ tí o sọ di àwòrán tí o sì fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, ọ̀rọ̀ ilé nìyẹn. Ojú ewé tí gbogbo ayé lè ṣí, tí a ń fi wá òǹkàwé, agbẹjọ́rò wo ló máa bá wa pe ìyẹn ní inú ilé?

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 náà wà, abala 8 rẹ̀ sì fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí tirẹ̀ àti ti ilé rẹ̀. Nínú ìwé òfin kan náà, abala 24 ní kí ẹnikẹ́ni má fín ara ọmọ tàbí kọ ilà fún un mọ́. A rẹ́rìn-ín nígbà tí a rí i pé àwọn méjèèjì wà nínú ìwé kan. Òfin ti dá ilà dúró lójú ọmọ, áàpù sì ń nù ún kúrò lójú àgbà. Láìpẹ́, inú fọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn nìkan la ó ti máa rí àbàjà.

Nǹkan kan tún wà tí a kò ronú kàn rárá ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Gbogbo ariwo wa dá lórí àwòrán tó jáde, a kò sì bi ara wa nípa fọ́tò tó wọlé. Kí áàpù tó fún ọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ dídán, o ti kọ́kọ́ fún un ní ojú ọmọ náà gan-an, pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù àti ilẹ̀kùn, bí kámẹ́rà ṣe rí wọn. Fáìlì fọ́tò sì máa ń ru ẹrù pamọ́: ọjọ́ àti wákàtí, irú fóònù, àti bí o bá jẹ́ kí kámẹ́rà mọ ibi tí o wà, nọ́ńbà tó tọ́ka sí ojú ibẹ̀ gan-an lórí máàpù. Bí o bá fi fọ́tò ránṣẹ́ bíi fọ́tò lórí Wáàsáàpù, ó máa ń já ẹrù yẹn sílẹ̀. Bí o bá fi ránṣẹ́ bíi `Document`, gbogbo rẹ̀ ló bá a lọ. Ẹni tó bá mú fọ́tò tààrà láti inú gálárì fún áàpù, ó ṣeé ṣe kó kó gbogbo ẹrù náà lé e lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ló wá kan ohun tí iléeṣẹ́ máa fi ṣe. Nínú ChatGPT, fún àpẹẹrẹ, lábẹ́ `Settings`, `Data controls`, ìlà kan wà tí wọ́n kọ `Improve the model for everyone` sí. Lórí àkáǹtì ẹni lásán, títàn ló máa ń wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá wà ní títàn, wọ́n lè lo ohun tí o fún un láti kọ́ irinṣẹ́ náà síwájú sí i. Bí o bá pa á, wọn ò ní lo èyí tí o máa fún un láti ìgbà náà lọ fún ìkọ́ni. Kò túmọ̀ sí pé fọ́tò náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwa lè gbà bẹ́ẹ̀ fún ojú tiwa, torí àwa la ni ín. A kò rí ibi tí a ti gba àṣẹ láti bá ọmọ Àrẹ̀mọ gbà á.

Nítorí náà gígé fọ́tò gbọ́dọ̀ ṣáájú, kì í ṣe kó tẹ̀yìn. Tẹ́lẹ̀, a máa ń ya àwòrán tán kí a tó gé pátákó tàbí báàjì iléèwé kúrò. Ìyẹn bo òǹwòran lójú, kò bo iléeṣẹ́. Bí a bá fẹ́ ya ẹnikẹ́ni báyìí, a máa ń gé fọ́tò lórí fóònù kó tó lọ síbì kankan, a óò ya àwòrán gígé náà ní fọ́tò ojú fóònù kí ẹrù ìpamọ́ rẹ̀ lè dànù, èyí tó jáde la sì ń gbé padà tọ ẹni náà lọ kó tó di ti gbogbo ayé. Ọ̀nà jíjìn ni, ó sì máa ń dín iye àwòrán tí a lè gbé jáde kù gan-an. Bí ẹni náà bá ní òun ò fẹ́, ó parí. Ọmọdé ńkọ́? A kì í fi ojú wọn sínú áàpù mọ́, kódà bí òbí bá gbà. Ọ̀kan nínú wa rò pé èyí ti le jù, pé ìyá tó bá gbà ní ẹ̀tọ́ láti gbà. Àwa yòókù rò pé ìyá lè gbà lónìí, ọmọ náà ló sì máa gbé ojú yẹn kiri ní ogún ọdún sí i. A kò tíì parí àríyànjiyàn yẹn.

Ẹni tí a máa ń rántí nígbà tí a bá ń ṣe é ni J. D. 'Okhai Ojeikere. Ìbàdàn níbí ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba, ní iléeṣẹ́ ètò ìròyìn, ní yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fíìmù, lọ́dún 1954. Láti ọdún 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin, ẹ̀yìn orí ló sì sábà máa ń yà. Irun ló fẹ́, irun náà ló sì yà: ṣùkú, kíkó, òwú tó dúró ṣánṣán. Obìnrin náà ló ni irun, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wa, kò sẹ́ni tó lè fi fọ́tò yẹn wá a dé ẹnu ọ̀nà. A kò mọ̀ bóyá ti àṣírí ló ń rò. Ohun tí a rí ni pé ó mọ ohun tó wá mú, ó mú un, ó fi ìyókù sílẹ̀. Àwa lọ sí Àrẹ̀mọ nítorí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ lórí páànù. A lè ti mú ìyẹn ká sì máa lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a padà sọ́dọ̀ Ìyá, pẹ̀lú àṣẹ ọmọ rẹ̀. A dọ̀bálẹ̀, a tọrọ àforíjì. A mú bébà tí a ṣèlérí dání, fọ́tò gidi, ẹ̀dà méjì, Bẹẹrẹ la ti tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ àbàjà rẹ̀ lórí bébà, ó ní bàbá òun ló mú olóòlà wá sílé. Lẹ́yìn náà ló ní ká fi ìkejì tí àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ han òun. A ṣí i lórí fóònù. Ó wò ó pẹ́.

"Ilẹ̀kùn wa nìyí," ó ní. "Ta wá ni ìyá tó jókòó síwájú rẹ̀ yìí?"

A pa á rẹ́ kúrò lórí fóònù níṣojú rẹ̀. Ọmọ náà kò sí níbẹ̀ mọ́. A kò béèrè ibi tó lọ.